Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́: ohun tí gírámà ṣẹ́kà àti ẹ̀rọ ìtumọ̀ ń ṣe sí máàkì ditẹ́kítọ̀

Ìwádìí kan wà tó ti ń dà mí láàmú látìgbà tí mo ti kà á. Ní 2023, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Stanford, Weixin Liang àti James Zou wà lára wọn, kó àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò TOEFL, wọ́n wá kó gbogbo ẹ̀ lọ síwájú ditẹ́kítọ̀ méje, àwọn áàpù tó ń sọ pé èèyàn ló kọ nǹkan tàbí AI. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ló kọ gbogbo àròkọ yẹn o. Síbẹ̀, tí a bá ṣírò ti àwọn méjèèje pọ̀, nǹkan bí ìdá 61 nínú 100 ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ AI. Méjìdínlógún wà níbẹ̀ tí méjèèje panu pọ̀ pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́, nígbà tó sì jẹ́ pé 89 nínú 91 yẹn ni ó kéré tán ditẹ́kítọ̀ kan fẹ̀sùn kàn. Wọ́n tún mú àròkọ àwọn ọmọ iléèwé Amẹ́ríkà wá, àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ, 88 ni tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ìdá 5 péré nínú 100 ni wọ́n ṣì mú níbẹ̀.

Apá yẹn ni gbogbo ayé ń pín kiri. Apá kejì ló mú mi dúró. Wọ́n gbé àwọn àròkọ TOEFL yẹn fún ChatGPT, wọ́n ní kó bá àwọn fi àwọn ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu onígẹ̀ẹ́sì sí i. Ìdá 61 yẹn já wálẹ̀ sí nǹkan bí 12. Wọ́n tún gbé ti àwọn ọmọ Amẹ́ríkà fún un pé kó sọ ọ̀rọ̀ wọn di ọ̀rọ̀ ṣákálá bíi ti ẹni tí kì í ṣe onígẹ̀ẹ́sì, ni ìdá 5 bá fò sókè sí nǹkan bí 57. Ẹ wò ó dáadáa: èyí tí AI ò fọwọ́ kàn ni wọ́n pè ní ti AI, èyí tí AI fọwọ́ kàn gan-an ló gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni pé èèyàn ló kọ ọ́.

Nígbà tí mo ka ìyẹn tán ni mo wá gbà pé máàkì tí àwọn áàpù yìí ń fúnni ò mọ ẹni tó kọ nǹkan rárá. Nǹkan míì ló ń wọ̀n, àwọn irinṣẹ́ tí àwa tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè kejì wa sì gbẹ́kẹ̀ lé jù, ìyẹn gírámà ṣẹ́kà àti ẹ̀rọ ìtumọ̀, nǹkan yẹn gan-an ni wọ́n ń yí.

Kí ni nǹkan ọ̀hún? Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Tí mo bá ní «Ìyá wa gbé omi kaná, ó fẹ́ ro», tí mo sì dákẹ́ síbẹ̀, gbogbo yín á ti parí ẹ̀ fún mi: àmàlà. Kò yà yín lẹ́nu. Àmọ́ tí mo bá ní ó gbé omi kaná, ó fẹ́ ro ẹjọ́, ẹ̀yin náà á padà sẹ́yìn lọ tún un kà. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe náà nìyẹn. Ó ń ka ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń méfò èyí tó kàn kó tó dé ibẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí èyí tó wá bá ṣe yà á lẹ́nu tó. Orúkọ tí wọ́n ń pe òṣùwọ̀n yẹn ni pẹ̀pilẹ́síìtì. Tó bá kéré, á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ń lọ bí ẹ̀rọ ṣe rò pé á lọ, ditẹ́kítọ̀ á wá ní «hẹn-ẹn, irú èmi yìí ló kọ èyí». Tó bá pọ̀, á ní èèyàn ni. Wọ́n tún máa ń wo bóyá gbólóhùn gígùn àti kúkúrú dàpọ̀ mọ́ra, torí èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ gbuurugbu nígbà kan, kó tún sọ gbólóhùn ọlọ́rọ̀ mẹ́ta tẹ̀ lé e. Edward Tian tó ṣe GPTZero ní oṣù kìíní 2023, nígbà tó ṣì wà ní iléèwé ní Princeton, nǹkan méjì yìí ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan péré lè yí máàkì padà. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà nínú gbólóhùn kan, mo kàn fẹ́ fi ṣàlàyé ni o, mi ò wọn gbólóhùn kankan. Ẹ̀rọ retí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ní ìlàjì, ó retí ìkejì ní ìdá kan nínú mẹ́rin, ìkẹta jẹ́ ọ̀rọ̀ abàmì kan tí kò retí ju ìdá kan nínú 512 lọ, ìkẹrin náà ìdá kan nínú mẹ́rin. Gírámà ṣẹ́kà wá dé, ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹta yẹn ò dáa, ó fi èyí tí gbogbo ayé ń lò rọ́pò ẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ retí ní ìlàjì. PPL ni pẹ̀pilẹ́síìtì, p1 títí dé p4 sì ni bí ẹ̀rọ ṣe retí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó:

```
PPL = (1 / (p1 × p2 × p3 × p4))^(1/4)

(2 × 4 × 512 × 4)^(1/4) = 11.3
(2 × 4 × 2 × 4)^(1/4)   = 2.8
```

Láti 11.3 sí 2.8, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yòókù ò sì kúrò níbi tí wọ́n wà. Nínú àròkọ gidi tó ní ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀rọ̀ kan ò lè fà á tó báyẹn, àmọ́ gírámà ṣẹ́kà kì í yí ọ̀rọ̀ kan. Ó lè fa ìlà sábẹ́ igba ọ̀rọ̀ nínú ìwé kan, àwọn tó sì ń sáré kí ilẹ̀ tó ṣú máa ń tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, títí dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin náà á ti rí ìdí tó fi ń kan àwa. Ẹni tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kì í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lápò, àwọn ọ̀rọ̀ tó mọ̀ dájú ló ń lò kó má baà ṣì í, ọ̀rọ̀ tó dájú yẹn sì ni ẹ̀rọ náà ń retí. Ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ wa láti to àròkọ, lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́ẹ̀kejì, ní ìparí, ẹ̀rọ mọ ọ̀nà yẹn jù wá lọ. Nígbà tí gírámà ṣẹ́kà bá wá yọ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ abàmì tó jẹ́ tiwa kúrò, kí ló kù?

Àbúrò mi obìnrin kan ń ka ìwé gíga lórí ìlera ìlú ní Ìlú Ọba, iṣẹ́ tó fẹ́ fi jáde dá lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń lo àwọ̀n ẹ̀fọn ní Ìbàdàn. Ó wá sílé, ó lọ yíká àwọn agboolé ní agbègbè Bẹ́ẹ̀rẹ̀, ó fi fóònù gba ohùn àwọn ìyá àgbà sílẹ̀, ó kọ gbogbo ẹ̀ jáde ní Yorùbá. Iléèwé wọn dá ìwé ẹ̀ padà pé ditẹ́kítọ̀ àwọn fura sí apá tó pọ̀ nínú ẹ̀. Ó pè mí lóru, ó ní «Bùrọ̀dá mi, ẹ sáà mọ̀ pé mi ò kí ń ṣe bẹ́ẹ̀.» Mo mọ̀. Mo ní kó fi gbogbo fáìlì tó ní ránṣẹ́, látorí èyí tó kọ́kọ́ kọ títí dé èyí tó fi sílẹ̀, a sì jókòó tì í lórí fídíò kọ́ọ̀lù ní ìpínrọ̀ kan sí ìkejì.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé orúkọ kan la ń pe gírámà ṣẹ́kà ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe. Àkọ́kọ́ ni sípẹ́lì àti kọ́mà. Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé èyí gan-an ń kan máàkì, àmọ́ ó ń kàn án, torí ẹ̀rọ kì í ka ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń kà á, ńṣe ló ń gé e sí wẹ́wẹ́. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ á wà ní odindi, àmọ́ tí ẹ bá ṣi sípẹ́lì ẹ̀, á já sí wẹ́wẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò bára wọn mu, gbogbo wẹ́wẹ́ yẹn á sì máa ya ẹ̀rọ lẹ́nu. Àṣìṣe sípẹ́lì yín ń gbèjà yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Tí ẹ bá tún un ṣe, ẹ̀rí kékeré kan ti lọ nìyẹn. Ó kéré ṣá, Turnitin, ilé iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ iléèwé ń lo ditẹ́kítọ̀ wọn, sọ fúnra wọn pé títún sípẹ́lì àti gírámà ṣe lásán kò yẹ kó mú kí ditẹ́kítọ̀ àwọn pe nǹkan ní AI, mo sì gbà wọ́n gbọ́ níbẹ̀. Ìpínrọ̀ tó jẹ́ pé sípẹ́lì nìkan ni àbúrò mi tún ṣe nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn án.

Ìkejì ni èyí tó ń sọ pé gbólóhùn yín ti gùn jù, pé ọ̀rọ̀ yìí ò ṣe kedere, pé ẹ fi èyí rọ́pò ìyẹn. Ibí ni nǹkan ti bàjẹ́. Nínú ohun tó kọ́kọ́ kọ, ìyá kan ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ fi àwọ̀n tí ìjọba fún un ṣe ọgbà fún àwọn òròmọdìẹ rẹ̀ kí àṣá má baà gbé wọn, òmíràn fi sá ata. Nígbà tí áàpù náà fi máa ṣe tán, àwọn ìyá méjèèjì ti di pé ọ̀pọ̀ ìdílé ń lo àwọ̀n fún ìlò mìíràn. Àṣá ti lọ, ata ti lọ. Gbólóhùn mẹ́ta tí ọ̀kan gùn bí ìrìn àjò, tí ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún péré, gbogbo wọn ti di ọgbọọgba. Kò sí irọ́ nínú èyí tó jáde, ó kàn jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tí kò dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀ rí náà lè kọ ọ́, ohun tí ditẹ́kítọ̀ sì rí nìyẹn. Ká sòótọ́, tí n bá jẹ́ tíṣà rẹ̀, èmi náà á fura.

Ìkẹta ni bọ́tìnnì tó ń tún odindi ìpínrọ̀ kọ. Láti 2023 ni Grammarly, ọ̀kan lára àwọn gírámà ṣẹ́kà tó gbajúmọ̀, ti fi èyí tó ń lo AI sí inú ẹ̀, àwọn yòókù náà ò sì gbẹ́yìn. Ibí yìí ni èmi àti àwọn kan ti máa ń jà. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, tí ẹ gba ohun tó jáde bó ṣe wà, ẹ̀rọ ló kọ ìpínrọ̀ yẹn, èrò ni tiyín. Ẹ má sọ pé ditẹ́kítọ̀ purọ́ mọ́ yín. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú áàpù kan náà, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ látorí kọ́mà lè bá ara ẹ̀ ní ìsàlẹ̀ láìmọ̀ pé òun ti kọjá odò, tí iléèwé náà á sì kọ ọ́ sínú òfin wọn pé ẹ lè lo gírámà ṣẹ́kà, wọn ò ní sọ ìwọ̀n.

Àbúrò mi tẹ bọ́tìnnì yẹn fún ìpínrọ̀ kan, nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fúnra ẹ̀. Àmọ́ ohun tí ditẹ́kítọ̀ kùn ní àwọ̀ ju ìpínrọ̀ yẹn lọ, ó kùn ti ṣáájú ẹ̀ àti ti ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní ìdí. Púpọ̀ nínú àwọn ditẹ́kítọ̀ yìí kì í wo gbólóhùn kan nìkan. Bí Turnitin ṣe ṣàlàyé tiwọn, ńṣe ni wọ́n ń gé ìwé sí abala abala tó tó gbólóhùn márùn-ún sí mẹ́wàá, abala kan á wọ inú ìkejì, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan á wá gba máàkì látinú gbogbo abala tó bá bọ́ sí, wọ́n á pín in dọ́gba. Nítorí náà gbólóhùn tí èèyàn fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ, tó bá jókòó sáàárín méjì tí ẹ̀rọ kọ, á gbà nínú ìdọ̀tí wọn. Bákan náà sì ni gbólóhùn ẹ̀rọ tó bá fara pamọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ èèyàn ṣe lè yọ́ kọjá.

Ẹ̀ẹ̀kan yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí ibi ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Ìpínrọ̀ tí wọ́n kùn jù lọ nínú ìwé àbúrò mi, tí wọ́n ní ó dájú pé AI ni, ni ibi tí àwọn ìyá àgbà ti ń sọ̀rọ̀. Ohùn wọn wà lórí fóònù. Ó kọ ọ́ jáde ní Yorùbá fúnra ẹ̀, ó gbé e sínú ẹ̀rọ ìtumọ̀, ó tún un tò díẹ̀, ó fi sínú ìwé. Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún tí kò mú bírò rí ni ditẹ́kítọ̀ pè ní kọ̀ǹpútà.

Ṣé ẹ rí i, ẹ̀rọ ìtumọ̀ àti ChatGPT, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Ohun tí wọ́n ń pè ní Transformer, tó wà lábẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn AI tó ń sọ̀rọ̀ lónìí, àwọn tó gbé e jáde ní Google ní 2017, iṣẹ́ ìtumọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, láti Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Jámánì àti Faransé. Ọ̀nà tí méjèèjì ń gbà yan ọ̀rọ̀ jọra: wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jù kó tẹ̀ lé èyí tó wà nílẹ̀. Olùtumọ̀ tó jẹ́ èèyàn lè rí ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tú u. Ẹ̀rọ á máa fi èyí tó wọ́pọ̀ jù dá a lóhùn. Eva Vanmassenhove àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti kọ èyí jáde ní 2019, pé ìtumọ̀ ẹ̀rọ máa ń pàdánù ọ̀pọ̀ lára oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ tó wà nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ: èyí tó wọ́pọ̀ á túbọ̀ wọ́pọ̀, èyí tó ṣọ̀wọ́n á pòórá.

Láti Yorùbá, ó tún le ju ìyẹn lọ. Yorùbá ti wà lórí Google Translate láti oṣù kejìlá 2013, àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ya àwòrán nǹkan, gbàgàdà, wúruwùru, gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n máa ń dà tí ẹ bá kó wọn síbẹ̀: wọ́n á pòórá, tàbí kí wọ́n di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò ní àwọ̀. Ìyá kan sọ pé ooru inú àwọ̀n yẹn dà bí ẹni wọ inú ìkòkò ọbẹ̀, tí wọ́n sì gbé e ka iná. Ohun tó jáde lódì kejì ni pé àwọ̀n náà gbóná gan-an. Gbogbo ohun tó lè ya ẹ̀rọ lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ìyá yẹn, ibi ìtumọ̀ ló bọ́ sí.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ẹ̀rọ ìtumọ̀ á ṣì í, ọkọ̀ á di ọkọ, igbá á di igba, ohun tó máa jáde á kún fún ìsọkúsọ, ìsọkúsọ yẹn á wá ya ditẹ́kítọ̀ lẹ́nu débi tó fi máa sọ pé èèyàn ló kọ ọ́. Ìtumọ̀ tó bàjẹ́ lè gba máàkì tó dáa ju ìtumọ̀ tó dáa lọ.

Ẹni tó bá ń bá mi bọ̀ láti òkè á ti fẹ́ bi mí pé ṣebí àwọn Stanford ní ChatGPT tún àròkọ TOEFL ṣe, máàkì sì dáa sí i, kí ló dé tí ti àbúrò mi fi lọ sódì kejì? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó sì gbà mí lákòókò. Ìdáhùn ẹ̀ wà ní ibi tí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ àti irú ditẹ́kítọ̀ tó wà níwájú ẹ̀. Àwọn àròkọ TOEFL yẹn ṣákálá ni, pẹ̀pilẹ́síìtì wọn ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ tí ChatGPT fi sí i gbé e sókè. Ti àbúrò mi, òkè ló wà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú àṣá àti òròmọdìẹ àti ìkòkò ọbẹ̀, gírámà ṣẹ́kà àti ẹ̀rọ ìtumọ̀ ló fà á wálẹ̀. Ó dà bíi pé gbogbo irinṣẹ́ yìí ń fa ọ̀rọ̀ lọ sí ibì kan náà ní àárín, tí ẹ bá wà nísàlẹ̀ wọ́n á gbé yín, tí ẹ bá wà lókè wọ́n á fà yín.

Ìkejì ni pé àwọn ditẹ́kítọ̀ ti yí padà láti 2023. Àwọn tí Stanford dán wò, pẹ̀pilẹ́síìtì ni ọ̀pọ̀ wọn gbára lé. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn tòde òní, ńṣe ni wọ́n kó ìwé èèyàn àti ìwé AI rẹpẹtẹ fún wọn pé kí wọ́n kọ́ ìyàtọ̀ fúnra wọn, wọ́n sì ti mọ ẹnu ChatGPT bí ẹ ṣe ń mọ ẹnu ará Ìjẹ̀bú. Ní iwájú irú èyí, ọ̀rọ̀ jíjinlẹ̀ ò gbani mọ́. Ní 2025, Shoumik Saha àti Soheil Feizi ní Yunifásítì Maryland mú ìwé tí èèyàn kọ, wọ́n ní kí AI tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n ìwọ̀n, wọ́n wá rí i pé èyí tí wọ́n kàn fọwọ́ bà lásán náà, ọ̀pọ̀ ditẹ́kítọ̀ ń pè é ní AI, wọn ò sì mọ ìyàtọ̀ láàrin èyí tí wọ́n tún ṣe díẹ̀ àti èyí tí wọ́n tún ṣe púpọ̀. Nítorí náà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé gírámà ṣẹ́kà ń gbé máàkì AI sókè, tàbí pé ó ń fà á wálẹ̀, ẹ bi í pé lórí ìwé wo, níwájú ditẹ́kítọ̀ wo, ọdún wo.

Àwa ọmọ Nàìjíríà sì ní ti wa lọ́tọ̀. Ẹ rántí oṣù kẹrin 2024 tí Paul Graham, olówó tó ń dókòòwò ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ síta pé ẹnì kan kọ lẹ́tà sí òun, òun wá rí ọ̀rọ̀ «delve» nínú ẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀rí AI nìyẹn. Àwọn èèyàn wa bú sí i lórí, torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ la fi ń kọ àròkọ láti kékeré, tíṣà á sì na ẹni tí kò bá lò ó. Ọ̀rọ̀ ṣákálá ń mú yín, ọ̀rọ̀ ńlá náà ń mú yín.

Iye tí ditẹ́kítọ̀ ń kọ sílẹ̀, àwọn tíṣà pàápàá máa ń ṣì í kà. Nígbà tí Turnitin bá kọ 40, ohun tó ń sọ ni pé nínú gbólóhùn tí òun lè wò, ìdá 40 nínú 100 ni òun rò pé AI kọ. Kò sọ pé ọmọ náà jẹ̀bi ní ìdá 40. Nígbà tí àwọn áàpù míì bá kọ 40, ohun tí wọ́n ń sọ ni bí ó ṣe dá wọn lójú tó nípa odindi ìwé. Nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá, iye kan náà. Turnitin tiẹ̀ ní kí wọ́n má gbára lé ohun tí kò bá tó 20, àmì ìràwọ̀ ni wọ́n ń fi síbẹ̀, wọn kì í sì í wo ìwé tí kò tó 300 ọ̀rọ̀. Yunifásítì Vanderbilt ṣírò ẹ̀ ní 2023: wọ́n fi ìwé 75,000 sínú Turnitin ní 2022, tó bá jẹ́ ìdá kan péré nínú 100 ni wọ́n ṣì mú, 750 ìwé nìyẹn tí wọ́n máa fẹ̀sùn èké kàn. Wọ́n pa ditẹ́kítọ̀ náà. OpenAI tó ni ChatGPT gan-an gbé ditẹ́kítọ̀ tiwọn jáde ní oṣù kìíní 2023, wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn pé ìdá 26 nínú 100 péré ni ó ń rí mú lára ohun tí AI kọ, pé ó sì ń fẹ̀sùn kan èèyàn ní ìdá 9, nígbà tó máa fi di oṣù keje wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nílẹ̀.

Ohun tí èmi àti àbúrò mi wá ṣe rèé. A mú ìpínrọ̀ kan, a ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́rin: bó ṣe kọ ọ́, bó ṣe rí lẹ́yìn sípẹ́lì nìkan, bó ṣe rí lẹ́yìn tó gba gbogbo àbá áàpù, bó ṣe rí lẹ́yìn bọ́tìnnì. A jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ gùn tó, torí lórí ọ̀rọ̀ kúkúrú máàkì á máa fò bí ọ̀bọ láìnídìí. A gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ditẹ́kítọ̀ kan náà lọ́jọ́ kan náà, torí wọ́n máa ń yí wọn padà lábẹ́nú láìsọ fẹ́nì kankan. Méjì àkọ́kọ́ ò ní ìṣòro, ìkẹta bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ìkẹrin pọ́n kanlẹ̀. A fi ìyẹn ránṣẹ́ sí iléèwé pẹ̀lú fáìlì. Lórí Google Docs ẹ lọ sí `File > Version history > See version history`, ẹ ó rí gbogbo bí ìwé ṣe dàgbà, níbi tí ọ̀rọ̀ ti wọlé díẹ̀díẹ̀, níbi tí ẹ ti pa á rẹ́, níbi tí ẹ ti padà wá ní òru.

Àmọ́ ibẹ̀ náà ni kò ti gba apá ìtumọ̀. Nínú ìtàn fáìlì yẹn, ọ̀rọ̀ àwọn ìyá Bẹ́ẹ̀rẹ̀ wọlé ní odindi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó kó o láti ibòmíì wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, bó ṣe máa rí náà nìyẹn ká ní ChatGPT ló ti kó o. Ẹni tó ń wo fáìlì ò lè mọ èwo ni èwo. Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni ohùn orí fóònù àti ìwé Yorùbá tó kọ jáde, pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lára wọn. Tíṣà rẹ̀ wá ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá, wọ́n fi ọ̀kan ti ìkejì ní ìlà sí ìlà. Wọ́n ní kó tún àwọn ọ̀rọ̀ yẹn tú fúnra ẹ̀, kó fi Yorùbá sí abẹ́ ìwé, kó sì kọ ọ́ sí apá tó ti ń ṣàlàyé bó ṣe ṣe iṣẹ́ pé ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ fi tú u. Ó tú u. Ìkòkò ọbẹ̀ ti padà sínú ẹ̀.